Pupa Méjì Nínú Irun Kan

Kò sí àwọ̀ tó ń tètè ṣí lórí bíi pupa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó ń pẹ́ kó tó kúrò tán bíi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ pé wọ́n ta ko ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi dáì pupa sí irun rí mọ̀ pé òótọ́ ni méjèèjì. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tó bá fọ orí ni omi ń pọ́n, tí aṣọ ìnura ń gba àwọ̀, tí irun náà sì ń pàdánù dídán rẹ̀. Á rò pé tó bá máa fi di oṣù tó ń bọ̀, kò ní sí mọ́. Oṣù náà á dé, irun á ti kúrò ní pupa wáìnì, á ti di àwọ̀ ọsàn, á sì jókòó síbẹ̀. Ṣáńpù ò ràn án mọ́, fífọ̀ ò ràn án mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba irun wọn jẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbà pé dáì ló ṣì kù, pé wọn ò tíì le mọ́ ọn tó ni. Wọ́n á wá ẹ̀tù bílíìṣì àti dẹ́fẹ́lọ́pà fọ́lúùmù 40, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí, irun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já kí pupa náà tó lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé irun tí wọ́n fi dáì pupa sí sábà máa ń ní pupa méjì nínú. Ọ̀kan ni èyí tí a fi sí i. Èkejì jẹ́ ti irun náà fúnra rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ lábẹ́ dúdú láti ìgbà tí irun náà ti hù. Ohun tó ń yọ ti àkọ́kọ́ kò lè yọ èkejì. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà níwájú rẹ̀, irun tí kò ṣẹ̀ ló máa máa nà.

Fọ́nrán irun kan ṣoṣo ní èèpo lóde, ó sì ní ara nínú. Èèpo náà jẹ́ ìpele wẹ́wẹ́ tó gun orí ara wọn bíi páànù òrùlé. Inú ara rẹ̀ ni kẹ́rátíìnì wà, èròjà tó fún irun lágbára, ibẹ̀ náà sì ni mẹ́láníìnì wà, èròjà tó fún un láwọ̀. Irun tiwa dúdú nítorí pé mẹ́láníìnì dúdú pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ dúdú yìí, kì í fò lọ sí funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ di búráùn tó pọ́n, á di pupa, á di àwọ̀ ọsàn, kó tó wá di àwọ̀ ìyeyè. Gbogbo irun dúdú tí wọ́n bá ń sọ di fífẹ́rẹ́ ló ń gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá, yálà dáì pupa kàn án tàbí kò kàn án.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi dáì oníkẹ́míkà tó ń pẹ́, èyí tí wọ́n ń po mọ́ dẹ́fẹ́lọ́pà, sí orí. Amóníà inú dáì náà á mú kí irun wú, kí èèpo rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Àwọn èròjà kéékèèké tí kò tíì ní àwọ̀ á gba ibẹ̀ wọlé. Háídírójìn pẹrọ́síìdì, ìyẹn dẹ́fẹ́lọ́pà, á wá bá wọn nínú ilé, á so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn, ìsopọ̀ yìí ló sì ń bí àwọ̀. Èyí tó ti so pọ̀ ti tóbi ju ojú ọ̀nà tó gbà wọlé lọ, ìdí nìyí tí kò fi lè jáde bọ̀rọ̀. Àwọn tó ń bí pupa sábà máa ń kéré ju àwọn tó ń bí búráùn àti dúdú lọ, nítorí náà ìwọ̀nba tí kò jìn lára wọn á tètè bá omi lọ. Pupa tó ń ṣàn sínú báàfù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn tó jìn sínú kò lọ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n pẹrọ́síìdì yìí kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bó ṣe ń so èròjà dáì pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fọ́ mẹ́láníìnì irun. Pupa kì í hàn lórí irun dúdú kìjikìji àyàfi tí dúdú náà bá kọ́kọ́ rẹ̀yìn díẹ̀, ìdí sì nìyí tí àwọn onídìrí fi ń lo fọ́lúùmù 20, tó ní pẹrọ́síìdì 6%, tàbí fọ́lúùmù 30, tó ní 9%, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pupa. Lọ́jọ́ tí irun bá di pupa nínú dígí, nǹkan méjì ló ti ṣẹlẹ̀: dáì ti wọlé, dúdú ìṣẹ̀dá sì ti dín kù títí tí pupa abẹ́ rẹ̀ fi bọ́ síta. Tí gbogbo dáì bá tilẹ̀ jáde tán lọ́la, irun náà kò ní padà di dúdú. Pupa tàbí àwọ̀ ọsàn ló máa kù. Kì í ṣe pé ó lẹ̀ mọ́ irun, irun gan-an ló ti dà bẹ́ẹ̀.

Dáì pupa mìíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Òun ni èyí tó wà nínú ike kan ṣoṣo, tí kò nílò dẹ́fẹ́lọ́pà, tó rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi kọndísọ́nà. Àwọ̀ tirẹ̀ ti pé kó tó kan orí. Kì í fọ́ mẹ́láníìnì, kì í sì í so pọ̀ nínú irun. Etí fọ́nrán irun lọ́hùn-ún ló ń dúró sí. Ohun tó ń dì í mú ni iná mànàmáná tó wà lára èròjà méjèèjì: ọ̀pọ̀ dáì pupa irú èyí jẹ́ pọ́sítíìfù, irun sì jẹ́ nẹ́gátíìfù, wọ́n á sì fa ara wọn mọ́ra. Irun tí wọ́n ti fi bílíìṣì ṣe tún ń di nẹ́gátíìfù sí i, èèpo rẹ̀ sì ti ní ihò. Nítorí náà, ẹni tó bá fi bílíìṣì sọ irun rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, tó wá fi dáì pupa aláìnídẹ́fẹ́lọ́pà lé e lórí, ló ń ní pupa tó ń tàn jù lọ. Òun náà ló ń rí èérún rẹ̀, àwọ̀ pínńkì kan tí kì í fẹ́ lọ, fún oṣù púpọ̀.

Kí á tó fọwọ́ kan orí, a gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà ni bóyá nǹkan méjì ni wọ́n pò pọ̀ tàbí ẹyọ kan ṣoṣo, àti bóyá ó gbóòórùn amóníà tó ń ta imú. Tí kò bá rántí, mo máa gé fọ́nrán díẹ̀ lẹ́yìn etí níbi tí kò ti ní hàn, màá fi ṣáńpù àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa á, màá dì í sínú tíṣù funfun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Irun tó ti lo ju oṣù kan lọ tó sì ṣì ń tú àwọ̀ jáde dáadáa sínú tíṣù, dáì aláìnídẹ́fẹ́lọ́pà ló sábà máa ń jẹ́. Tí tíṣù bá funfun tí irun sì pọ́n, ó ti wọnú, tàbí kó jẹ́ pé pupa irun fúnra rẹ̀ ni à ń wò.

Fún dáì aláìnídẹ́fẹ́lọ́pà, ohun tó rọrùn jù lọ fún irun náà ni ohun tó ṣiṣẹ́ jù: ṣáńpù tó ń fọ nǹkan dáadáa, èyí tí kò ní ọ̀rá àti èròjà aró-má-ṣí nínú. Ohun tó ń hó nínú irú ṣáńpù bẹ́ẹ̀ jẹ́ nẹ́gátíìfù, ó sì ń bá irun du dáì pọ́sítíìfù náà. Ìkánjú ló sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àwọn èèyàn á fi ṣáńpù kan orí, wọ́n á ṣàn án kíá, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ lo omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ní jó awọ orí, ẹ jẹ́ kí ìfófòó náà wà lórí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ṣàn án, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá fi kọndísọ́nà tó nípọn parí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Irun wa gbẹ nípa ìṣẹ̀dá, tí a bá ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ nítorí àwọ̀, gbígbẹ ni yóò pa á kí pupa tó tán.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú fífọ̀, ẹ fi òróró àgbọn pa irun láti ìdí dé ṣóńṣó. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé òróró ló ń fa dáì jáde. Ó lè fa díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo fi ń lò ó. Òróró àgbọn wà lára ìwọ̀nba òróró tó ń wọ inú irun gan-an, ó sì ń dín bí irun ṣe ń mu omi tó sì ń wú kù nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Wíwú àti sísúnkì léraléra yẹn ló ń gé irun, òróró ló sì ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n á bi mí nípa ọṣẹ dúdú. Ó ń ṣí àwọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Eérú tí wọ́n fi ń sè é ló mú kó jẹ́ álíkálì, álíkálì sì ń mú kí irun wú kí èèpo rẹ̀ gbé sókè, dáì á sì rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n èèpo tó gbé sókè kì í padà jókòó dáadáa, irun á di yánrin lọ́wọ́, òòyà á sì máa kọ́ ọ. Fún irun tó lágbára tí kẹ́míkà kankan kò kàn rí, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú, kí omi tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí sì tẹ̀lé e kí èèpo lè padà sùn. Fún irun tó ti gba rílásà, èmi ò dámọ̀ràn rẹ̀.

Dáì tí wọ́n pò mọ́ dẹ́fẹ́lọ́pà ní ọ̀nà tirẹ̀. Nítorí pé pẹrọ́síìdì ló fi ọ̀síjìn so àwọn èròjà rẹ̀ pọ̀, ohun tó bá lè ṣe òdìkejì iṣẹ́ pẹrọ́síìdì lè tú ìdè náà. Fítámínì C jẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òun sì ló rọra jù nínú wọn. Ẹ lo ẹ̀tù tàbí oògùn funfun tí a lọ̀ kúnná, kì í ṣe oníṣúgà aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ọmọdé ń jẹ. Síbí ẹ̀tù kan sí síbí ṣáńpù méjì, ẹ fi pa irun tó tutù, ẹ fi fìlà ọ̀rá bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Tí awọ orí bá ní egbò, á ta, ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ má sì retí ju agbára rẹ̀ lọ: dáì tí kò tíì pé ọjọ́ mélòó kan ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu jù. Ẹni tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù lánàá tó rí i pé pupa náà ti pọ̀ jù fún òun, òun gan-an ló wúlò fún. Ẹni tí tirẹ̀ ti pé oṣù mẹ́ta, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ìyàtọ̀.

Fún ẹni oṣù mẹ́ta yìí, ohun tó kàn ni oògùn ìyọdáì, èyí tó wà nínú ìgò méjì tó sì ní èròjà sọ́fọ̀ nínú. Ohun tó ń ṣe jọ ti fítámínì C, àmọ́ agbára rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á tú èròjà dáì padà sí kéékèèké tí kò ní àwọ̀, kò sì ní fọwọ́ kan mẹ́láníìnì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kùnà nínú rẹ̀ ni ṣíṣàn. Àwọ̀ ti lọ lójú, wọ́n á rò pé ó tán, ṣùgbọ́n àwọn èròjà kéékèèké náà ṣì wà nínú irun. Tí wọn ò bá fi omi lé wọn jáde, ọ̀síjìn inú afẹ́fẹ́ á tún so wọ́n pọ̀, lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta oníbàárà á sì padà wá pẹ̀lú irun tó tún ti pọ́n. Kò sí idán níbẹ̀, omi ni kò tó.

Obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí. Irun rẹ̀ ti gba rílásà, ó dé èjìká, ó sì ti fi dáì pupa wáìnì oníkẹ́míkà sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gbogbo ìgbà tó bá tún un fi, ó ń fi gbogbo rẹ̀ dé ṣóńṣó. Ó ti ríṣẹ́ níbi tí wọn ò ti fẹ́ irun pupa, ó sì fẹ́ búráùn. “Àǹtí, ẹ bá mi fi bílíìṣì bó o kúrò lónìí, mo bẹ̀ yín.” Mo mú fọ́nrán kan tó tutù, mo rọra fà á. Irun tó dáa máa ń nà díẹ̀, á sì padà sí bó ṣe wà. Tirẹ̀ padà, àmọ́ ó lọ́ra. Rílásà ń já àwọn ìdè tó fún kẹ́rátíìnì lágbára, bílíìṣì náà sì ń já wọn. Tí a bá da èkejì lé àkọ́kọ́ lórí, irun á máa nà bíi gọ́ọ̀mù, á sì já. Mo sọ fún un pé bílíìṣì ò ní kan orí yìí.

Oògùn ìyọdáì la lò, lábẹ́ fìlà ọ̀rá, fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà la wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án, fún ìgbà tó pẹ́ ju èyí tí oògùn fi wà lórí lọ, a fi ṣáńpù sí i, a tún ṣàn án. Láti mọ̀ bóyá ó tó, a mú fọ́nrán díẹ̀, a kán pẹrọ́síìdì 3% sí i lára, a sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tí èròjà dáì bá ṣì wà nínú rẹ̀, pẹrọ́síìdì á so ó pọ̀, fọ́nrán náà á ṣú. Ti àkọ́kọ́ ṣú, a padà sídìí omi. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò yí padà.

Nígbà tí irun gbẹ, ó hàn pé orí náà ní ojú mẹ́ta. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nídìí dúdú. Àárín ti di búráùn aláwọ̀ ọsàn. Ṣóńṣó ṣì ní pupa nínú, nítorí pé ibẹ̀ ni dáì ti gun dáì léraléra. Àárín yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún mi láti fi hàn án, nítorí dáì ti kúrò níbẹ̀ tán. Àwọ̀ ọsàn tó ń rí jẹ́ ti irun rẹ̀, ohun tí dẹ́fẹ́lọ́pà ọjọ́sí fi sílẹ̀ ni. Kò sí ìyọdáì tó lè yọ ọ́, bílíìṣì nìkan ló lè tì í síwájú sí àwọ̀ ìyeyè, ìyẹn kò sì ní sọ ọ́ di búráùn. Ohun tó kù ni ká bò ó.

Bíbò ní ìlànà tirẹ̀. Pupa àti àwọ̀ ewé ń pa ara wọn, àwọ̀ ọsàn àti búlúù ń pa ara wọn, ohun tó sì ń jáde níbẹ̀ ni búráùn tí kò pọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá ra búráùn tó ní wúrà tàbí pupa nínú láti fi bo pupa, epo ló dà sí iná. Búráùn aláwọ̀ eérú ni ká wá, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù fún àwọ̀ ọsàn, tàbí ewé fún pupa gidi. Kó má ní amóníà, kí dẹ́fẹ́lọ́pà rẹ̀ má ju fọ́lúùmù 10 lọ, nítorí pé a kò fẹ́ kó tún fọ́ mẹ́láníìnì mìíràn kó sì tú pupa tuntun síta. A kò sì fi í lọ́jọ́ náà. A jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, a tún fi ìyọdáì sí ṣóńṣó nìkan, a ṣàn án, a dán an wò pẹ̀lú pẹrọ́síìdì, kí búráùn tó kàn án. A ti kọ́kọ́ kán dáì náà sí awọ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, a sì dúró fún ọjọ́ méjì láti rí i pé kò yún un.

Búráùn ló jáde lóòótọ́. Nínú oòrùn, ó ṣì ń dá pupa díẹ̀, mo sì ti sọ èyí fún un kí á tó bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó bá ń bi mí bóyá ì bá sàn kó kàn fi dúdú bò ó, ìdáhùn mi ni pé dúdú rọrùn lọ́jọ́ tí wọ́n fi í, àmọ́ òun náà le púpọ̀ láti yọ. Kí ó dá ẹni náà lójú pé dúdú ló fẹ́ máa lò lọ.

Làálì kò sí nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí. Àwọ̀ inú ewé rẹ̀ ń so mọ́ kẹ́rátíìnì fúnra rẹ̀, ìyọdáì onísọ́fọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Òróró àti fífọ̀ léraléra lè mú kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn, irun tuntun là ń dúró dè. Làálì aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń tà nínú páálí tún lè ní iyọ̀ irin nínú. Tí pẹrọ́síìdì bá kan irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, irun lè gbóná kó sì jó. Ẹ dán an wò lórí fọ́nrán tí ẹ gé kúrò, kì í ṣe lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi jíìkì kan orí. Mo ti rí àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ nítorí pé ó ń yọ àbààwọ́n lára aṣọ funfun. Aṣọ òwú kò ní kẹ́rátíìnì. Irun ní, jíìkì sì ń yọ́ kẹ́rátíìnì dànù ni. Tí ọtí kíkan tàbí oje ọsàn wẹ́wẹ́ bá tún pàdé rẹ̀, èéfín kílórìnì tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, búráùn tí a fi bo pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, àwọ̀ ọsàn abẹ́ rẹ̀ á sì tún yọjú. Kì í ṣe ìgbà náà ló yẹ láti padà sí ìyọdáì, nítorí kò sí dáì pupa tó máa yọ mọ́. Búráùn aláwọ̀ eérú ni kí wọ́n tún fi kan ibi tó pọ́n nìkan, kí wọ́n yẹra fún ìdí tó ti dúdú. Irun ń hù ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù kan, oníbàárà wa sì ń wá gé ṣóńṣó díẹ̀díẹ̀, ibi tí pupa ti nípọn jù ló sì kọ́kọ́ ń bọ́ sílẹ̀.